Ilé Ni A Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: 'To' Mélòó Ni Ó Wà Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń parí sí gbólóhùn yìí: "I look forward to meet you." Bí olùkọ́ bá ti rí i, yóò fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ "meet", yóò sì kọ "meeting" sí òkè rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń tán sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́. Èkejì ni pé Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń ronú, tí ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn èkíní kò kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan. Èkejì ni ó fa àròkọ yìí, nítorí pé ó di ẹ̀bi ru èdè Yorùbá, kò sì yẹ kí àwa tí à ń kọ́ nípa ìhun èdè náà gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé òfin tí ó sọ "meeting" di dandan nínú gbólóhùn yẹn kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Òfin náà ni ó ń pa mọ́ nígbà tí ó bá sọ pé "fún rírí rẹ", tí kò sì jẹ́ sọ pé "fún rí ọ" láéláé. Ohun tí ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé kò mọ èyí tí "to" tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ nínú méjì.

'To' Méjì

Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn méjì kalẹ̀:

(1) I want to meet you.
(2) I look forward to meeting you.

Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, a ó rò pé "to" kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. "To" tí ó wà nínú (1) jẹ́ wúnrẹ̀n tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, tí a kò fi nǹkan kan kún, ni ó ń fẹ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní "to" aṣáájú-ìṣe. "To" tí ó wà nínú (2) jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn gidi, ẹgbẹ́ "in", "of", "after" àti "without". Iṣẹ́ atọ́kùn sì ni pé kí ó tọ́kùn ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí àpólà-orúkọ. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá fẹ́ dúró sí ibẹ̀, ó di dandan kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ di orúkọ. Ìparí "-ing" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe èyí.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ń kọ "without see him" tàbí "after eat". "Without seeing him" àti "after eating" ni gbogbo wa ń kọ. Èyí fi hàn pé a mọ òfin náà dáadáa nígbà tí atọ́kùn náà kò bá ní ẹni tí ó jọ ọ́. "To" nìkan ni ó ń dà wá láàmú, nítorí pé òun nìkan ni ó ní èkejì tí ìrísí wọn kò yàtọ̀.

Ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ṣe di méjì. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1100, atọ́kùn ni "tō" jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, wọn a fi ìparí kan kún ọ̀rọ̀-ìṣe náà kí ó lè wà ní ipò orúkọ. Ohun tí a ń kọ lónìí ní "to sing", "tō singenne" ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìparí yìí ń jẹ, títí ó fi pòórá, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ṣẹ́ kù ní ìhòòhò lẹ́yìn "to". Báyìí ni apá kan "to" ṣe di aṣáájú-ìṣe. Apá kejì, èyí tí ó ń tọ́kùn orúkọ, kò yí padà. Ìyá kan náà ni ó bí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jọ gbé ilé kan náà mọ́.

Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti mọ èyí tí a ń bá lò ni pé kí a yọ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tí ó tẹ̀lé e kúrò, kí a sì fi "it" dípò wọn. "It" jẹ́ arọ́pò-orúkọ, nítorí náà ibi tí orúkọ bá lè dúró sí nìkan ni ó lè gbà. A ó fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú gbólóhùn tí kò bá tọ̀nà:

(3) *I want to it.
(4) *I hope to it.
(5) I look forward to it.
(6) I object to it.

Gbólóhùn (3) àti (4) kò ṣe é gbọ́ sétí. Ìdí ni pé aṣáájú-ìṣe ni "to" inú wọn, kò sì mọ orúkọ rí. Gbólóhùn (5) àti (6) dùn lẹ́nu, nítorí pé atọ́kùn ni tiwọn. Láti inú èyí, a lè sọ pé "I hope to meet you" ni ó tọ̀nà, pé "I look forward to meeting you" ni ó sì yẹ.

Ìdánwò yìí wúlò lọ́nà méjì. Kò mọ sí pé kí ó gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe àkọ́kọ́ nìkan. Ó tún ń gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe kejì tí ó máa ń tẹ̀lé àtúnṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti fa ìlà pupa sí abẹ́ "meet" rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù "to" níbi gbogbo, yóò sì wá máa kọ "I hope to seeing you" tàbí "I would like to hearing from you". Ó há "-ing" sórí ni, kò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ yọ "to" dànù pátápátá, wọn a kọ "I look forward meeting you". Èyí náà kò tọ̀nà, nítorí pé láìsí "to", kò sí ohun tí yóò so "forward" pọ̀ mọ́ ohun tí à ń retí.

Kí Ni Yorùbá Ń Ṣe?

Ìgbà yìí ni a kan ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èdè wa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ "look forward" jù lọ ni "fojú sọ́nà", èyí tí ó jẹ́ "fi ojú sí ọ̀nà". Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(7) Mò ń fojú sọ́nà fún ìpàdé wa.
(8) Mò ń fojú sọ́nà fún rírí rẹ.
(9) *Mò ń fojú sọ́nà fún rí ọ.
(10) Mò ń fojú sọ́nà láti rí ọ.

Nínú (7), orúkọ ni ó tẹ̀lé "fún". Nínú (8), ọ̀rọ̀-ìṣe "rí" ni a fẹ́ lò, ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ sọ ọ́ di orúkọ nípa àpètúnpè ẹlẹ́bẹ: "rí" di "rírí". Gbólóhùn (9) ni ó bá "I look forward to meet you" dọ́gba gan-an, ọmọ Yorùbá kankan kò sì jẹ́ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. A rí i pé "fún" ni "to" inú "look forward to". Ẹni tí ó bá mọ èyí kò lè ṣì í.

Ẹnì kan lè wí pé gbólóhùn (10) ti ba àlàyé wa jẹ́, nítorí pé "láti rí ọ" ni a sọ, "rí" kò sì yí padà. Òótọ́ ni pé láti inú (10) ni àṣìṣe náà ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ láti kékeré pé "láti" ni "to", nítorí náà ó gbé "láti rí ọ" ó di "to meet you". Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú "láti" fúnra rẹ̀ palẹ̀. "Ní" àti "àti" ni ó para pọ̀ di "láti". Bí "ní" bá pàdé fáwẹ́lì tí kì í ṣe "i", "n" rẹ̀ a di "l", fáwẹ́lì "í" a pajẹ, ohùn òkè rẹ̀ a sì bọ́ sórí fáwẹ́lì tí ó tẹ̀lé e. Bí "ní ọ̀la" ṣe di "lọ́la", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "ní àti" ṣe di "láti".

Kí wá ni "àti" ń ṣe níbẹ̀? Àfòmọ́ tí ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tí ìlú bá le, a máa ń gbọ́ pé "àtijẹ àtimu di ìṣòro". "Àtijẹ àtimu" ni olùwà gbólóhùn yẹn, orúkọ nìkan ni ó sì lè ṣe olùwà. Atọ́kùn ni "ní", orúkọ ni "àtirí". Ohun tí ó wà nínú "láti rí ọ" nìyí: atọ́kùn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti sọ di orúkọ. Ìhun "to meeting you" náà sì nìyẹn. Yorùbá fi àfòmọ́ tirẹ̀ sí iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, Gẹ̀ẹ́sì fi tirẹ̀ sí ẹ̀yìn. Nítorí pé àfòmọ́ tiwa ti lẹ̀ mọ́ "ní" nínú "láti", ojú wa kò rí i mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ "láti" di "to" ti gbàgbé pé "to" ṣe ìtumọ̀ "ní" nìkan, "àti" ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

A kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọ ara wọn bíi ti "to". "Láti" méjì ni àwa náà ní:

(11) Mo wá láti rí ọ.
(12) Mo dé láti Ìlọrin.

Èyí tí ó wà nínú (11) ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí ó wà nínú (12) ń fẹ́ orúkọ. Bí a bá fẹ́ lo gbólóhùn kíkún lẹ́yìn ti (12), a ní láti wá orúkọ fún un: "Láti ìgbà tí mo ti dé ni ebi ti ń pa mí." Kò sí ẹni tí ó ń fi "láti dé" dípò "láti ìgbà tí mo ti dé". Ẹni tí ó ń ya "láti" méjì sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ láìronú kò yẹ kí ó kà á sí iṣẹ́ ńlá láti ya "to" méjì sọ́tọ̀.

'Rírí Rẹ' àti 'Láti Rí Ọ'

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. "Rírí" àti "àtirí" kò rí bákan náà. Lẹ́yìn "rírí", "rẹ" ni a ń lò, bí ẹni pé a ń sọ pé "ilé rẹ". Lẹ́yìn "láti rí", "ọ" ni a ń lò, èyí tí ó jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. (A lo "rí" nítorí pé "pàdé" kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn: "rẹ" ni ó ń tẹ̀lé e nígbà gbogbo.) Èyí já sí pé "rírí" ti di orúkọ pátápátá, ṣùgbọ́n "àtirí" jẹ́ orúkọ ní iwájú, ó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ní ẹ̀yìn.

Irú "àtirí" ni "meeting" inú gbólóhùn wa. Níwájú, ó jẹ́ orúkọ fún "to". Lẹ́yìn, ó ṣì ń gba "you" ní àbọ̀ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a bá fẹ́ fi ẹni tí yóò ṣe nǹkan náà kún un, a lè sọ pé "I look forward to your coming". "Your" ni ó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé "wíwá rẹ". Yorùbá ń lo "rẹ" kan náà fún "rírí rẹ" àti "wíwá rẹ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí a rí ni ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó wá ni ti èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀: "meeting you", ṣùgbọ́n "your coming".

Ọ̀rọ̀ 'Used to'

Ibi tí àìmọ̀yàtọ̀ "to" méjèèjì ti léwu jù lọ ni "used to", nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gègé pupa lásán mọ́. Ìtumọ̀ ni ó ń yí padà:

(13) I used to live in Lagos.
(14) I am used to living in Lagos.

Ìtumọ̀ (13) ni "Mo ti gbé Èkó rí, ṣùgbọ́n n kò gbé ibẹ̀ mọ́." Ìtumọ̀ (14) ni "Gbígbé Èkó ti mọ́ mi lára." Aṣáájú-ìṣe ni "to" inú (13). Atọ́kùn ni ti (14), a sì lè wí pé "I am used to it". Ẹ wò ó bí Yorùbá ti ṣe é: nínú ìtumọ̀ kejì, "gbé" ti di "gbígbé", ó sì ṣe olùwà "mọ́ mi lára". Bí ọwọ́ wa bá ti fẹ́ kọ "mọ́ mi lára" ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a rántí "gbígbé", "-ing" yóò sì wá fúnra rẹ̀.

Ibi Tí Ìdánwò Náà Kù Sí

Kò ní dára kí a fi ìdánwò "it" han àwọn òǹkàwé wa bí ẹni pé kò lábùkù. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí wọ́n gba "to" méjèèjì. "Agree" àti "consent" wà lára wọn. A lè sọ pé "I agree to it", síbẹ̀ "I agree to go" ni ó tọ̀nà. Ohun tí ìdánwò náà fi hàn ni pé "to" atọ́kùn lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan. Kò fi hàn pé "to" kejì kò lè tẹ̀lé e. Irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, a sì ní láti mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lè pàdé "accustomed to" tí ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tẹ̀lé. Èdè ń yí ni. Lónìí "-ing" ni ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti "look forward to", "-ing" ni Gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì gbà.

Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Lẹ́tà Kan Wò

Ká sọ pé ẹnì kan tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí gbólóhùn mẹ́rin yìí sì wà nínú rẹ̀:

(15) I used to teach Yoruba in a primary school.
(16) I am used to teach large classes.
(17) I do not object to work on Saturdays.
(18) I look forward to meet you on Friday.

Gbólóhùn (15) tọ̀nà bí ohun tí ó fẹ́ sọ bá jẹ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án. Nínú (16), ohun tí ó fẹ́ wí ni pé kíkọ́ kíláàsì tí èrò pọ̀ sí ti mọ́ òun lára. Ohun tí ọ̀gá lè kà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń lò ó bí ẹni ń lo irinṣẹ́ láti fi kọ́ kíláàsì. "Teaching" ni yóò gbà á sílẹ̀. Nínú (17), "it" gbà: "I do not object to it." Ṣùgbọ́n "work" ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ orúkọ bí ó ti wà yẹn. Ẹni tí ó ń kà á lè má rí àṣìṣe, kí ó kàn rò pé iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ ni ó fẹ́ wí, "working" ni kí ó kọ. Nínú (18), "it" gbà, "look forward" kò sì sí lára àwọn tí ó gba méjèèjì. "Meeting" ni kí ó kọ.

Ìgúnlẹ̀

Ṣé Yorùbá ni ó wá jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Àwọn ará Jámánì tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ "I look forward to meet you", nítorí pé wúnrẹ̀n "zu" tiwọn, tí ó jẹ́ ìbátan "to", ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe lásán níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fẹ́ "-ing". Àwọn Faransé náà ń kọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ atọ́kùn tiwọn ni ó lè ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí pé wọ́n sọ ọ́ di orúkọ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwíjàre pé òfin èdè wọn yàtọ̀. Àwa kò ní in, nítorí pé òfin tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba níbi yìí: atọ́kùn kì í tọ́kùn ọ̀rọ̀-ìṣe lásán.

Nítorí náà, ìgbà tí olùkọ́ bá wí pé ríronú ní Yorùbá ni ó fa àṣìṣe náà, a lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé àìronú tó ní Yorùbá ni. Ẹni tí ó bá dúró sórí "láti" láìtú u palẹ̀ yóò kọ "to meet". Ẹni tí ó bá ronú dé "fún rírí rẹ" yóò kọ "to meeting". Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ náà ti wà nílé tipẹ́.